Àkọlé Ímeèlì Kì í Ṣe Owó Ìdáfá

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa)



Àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń fi Yorùbá kọ ímeèlì. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ mú: àkọlé tí a ń kọ sí iwájú ibi tí ẹ̀rọ kọ Subject sí, àti ìkíni tí a fi ń ṣí ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti ń wọ́, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí a kọ̀wé sí ti ń pinnu bóyá òun yóò kà á lónìí tàbí òun yóò fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní Ifá. Bí ènìyàn bá wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi, kì í sọ ohun tó gbé e wá fún mi. Yóò mú owó, yóò gbé e sún mọ́ ẹnu, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí i ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, yóò sì gbé owó náà kalẹ̀. Èmi yóò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, odù yóò jáde, n óò sì máa ki Ifá títí ẹni náà yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ẹsẹ kan. Bí iṣẹ́ wa ti rí nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ó yí padà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ ímeèlì náà nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí àpótí ímeèlì mi, mo bá márùn-ún tí a fi Yorùbá kọ àkọlé wọn: «Ẹ kú iṣẹ́», «Bàbá mi», «Ọ̀rọ̀ pàtàkì», «Nípa ọdún Ifá», àti «ose ifa». Kò sí ọ̀kan nínú márààrún tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tí olùkọ̀wé ń fẹ́. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ sí owó, wọ́n gbé owó kalẹ̀, wọ́n ń retí kí n gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ímeèlì kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ o.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú márùn-ún yẹn ni mo fẹ́ kí a tú wò, nítorí òun ló dùn mí jù, mo sì ní ẹ̀bi tèmi nínú rẹ̀.

Ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ọmọ awo kan ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ó wá sí ọ̀dọ̀ wa, a tẹ̀ ẹ́ ní Ifá, ó sì padà sílé. Ó ń fi tọkàntọkàn kọ́ èdè Yorùbá, ó sì ti pinnu pé èdè Yorùbá ni òun yóò máa fi kọ̀wé sí mi. Mo gbóríyìn fún un nígbà náà. Ó kọ ímeèlì kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ «ose ifa», láìsí àmì kankan lórí tàbí lábẹ́ lẹ́tà. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kà báyìí: «Olufe Oluwo, e kaaro». Lẹ́yìn náà ni ìjúbà ìlà mẹ́tàlá, tó dára gan-an, tó sì dé ibi tí ó yẹ kí ìjúbà dé. Ìlà kẹrìndínlógún ni ìbéèrè rẹ̀ wà.

Mi ò dé ìlà kẹrìndínlógún. Nígbà tó ń lọ, ó ti gba ọṣẹ lọ́wọ́ mi, ó sì ti sọ pé bí ó bá tán, òun yóò béèrè òmíràn. Bí mo ṣe rí «ose ifa», mo kà á sí ọṣẹ Ifá. Mo wí fún ara mi pé ọṣẹ kì í ṣe ohun kánjúkánjú, kò sì sí ẹni tó ń lọ sí Bùràsíìlì lákòókò yẹn tí ìbá bá mi gbé e. Mo fi í sílẹ̀. Ohun tó ń béèrè gan-an ni ọ̀sẹ̀ Ifá: ọjọ́ wo ni kí òun máa bọ Ifá òun, nítorí pé iye ọjọ́ ti dàrú mọ́ òun lọ́wọ́ nínú ìrìn àjò. Nígbà tí kò rí èsì, ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ó rí i pé ọ̀sẹ̀ jẹ́ ọjọ́ méje, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ Ifá rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Ifá ń yí: bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù, yóò tún bọ́ sí ọjọ́ 5, ọjọ́ 9, àti ọjọ́ 13. Ọrún ni àwọn àgbà ń pè é, nítorí wọ́n ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń bọ Ifá ní Ọjọ́bọ̀ nìkan yóò bá ọ̀sẹ̀ Ifá pàdé ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ọjọ́ 28.

Nígbà tí mo wá kọ̀wé sí i pé ọṣẹ ti wà nílẹ̀, ta ni kí n fi rán, ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún un. «Ọṣẹ wo, Bàbá?» ni èsì rẹ̀.

Kí ló bàjẹ́ nínú àkọlé yẹn? Ẹni tó bá yára yóò sọ pé àìsí àmì ohùn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Bí ó bá tilẹ̀ kọ «Ọ̀sẹ̀ Ifá» pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, n óò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní mọ̀ bóyá ó ń kí mi kú ọ̀sẹ̀ Ifá ni, tàbí ó ń ròyìn bí tirẹ̀ ti lọ, tàbí ó ń béèrè. Orúkọ ọ̀rọ̀ ni ó kọ, kò kọ ohun tó fẹ́ kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Àṣìṣe kan náà ló wà nínú «Nípa ọdún Ifá». Nípa rẹ̀, báwo? Ṣé a ti sún un ni, ṣé owó ni ẹ fẹ́, ṣé ẹ fẹ́ kí n wá ki Ifá?

Ẹ wò ó bí a bá tún un kọ báyìí:

«Ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ Ifá ní Ọ́gọ́ọ̀sì?»

Lẹ́tà 28 péré ni gbogbo rẹ̀, bí a bá ka àlàfo àárín ọ̀rọ̀ àti àmì ìbéèrè mọ́ ọn. Ó ti sọ pé ìbéèrè ni, ó ti sọ irú èsì tí òun ń retí, ó sì ti sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo lè dáhùn rẹ̀ láì tíì ṣí ímeèlì náà rárá. Ẹ tún kíyè sí nǹkan mìíràn. Ká ní kò rí àmì kankan tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, tí ó kọ «Ojo wo ni ose Ifa ni Ogoosi?», ó ṣì yé mi. Kò sí ẹni tí í béèrè ọjọ́ wo ni ọṣẹ. Àwọn ọ̀rọ̀ tó yí «ose» ká ni ó sọ irú «ose» tí í ṣe. Mi ò sọ èyí láti fi àyè gba ẹni tó ń fi àmì sílẹ̀ o. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé àkọlé tó bá jẹ́ gbólóhùn odidi máa ń gba ara rẹ̀ là níbi tí àkọlé ọlọ́rọ̀ méjì ti ń kú. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ kọ àkọlé ọlọ́rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí èyí tó lè ṣini lọ́nà, kódà bí ẹ kò bá ráàyè fi sí ìyókù.

Nígbà mìíràn, ẹ ó fi àmì sí i, yóò sì dé ibẹ̀ ní ìdọ̀tí. Bí ẹnì kan bá wí fún yín pé «á»ŒÌ€sáº¹Ì€» ni òun rí nínú àkọlé yín, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rò pé ẹ̀yin lẹ ṣì í tẹ̀. «Ọ̀sẹ̀» náà ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló fi ìlànà lẹ́tà ti àtijọ́ ka ohun tí a fi ìlànà UTF-8 kọ. Àmì tí ẹ fi lè dá a mọ̀ ni «áº¹» níbi tó yẹ kí «ẹ» wà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti fún ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, gbólóhùn tó yé ni láìsí àmì, bí irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn yín, ni ààbò yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ «ni» yẹn, nítorí ohun ìní wa ni, a kò sì ń lò ó tó. Lórí fóònù, ẹni tí a kọ̀wé sí kì í sábà rí ju nǹkan bí lẹ́tà 30 sí 40 lọ nínú àkọlé. Ìyókù yóò di àmì tóótòòtó mẹ́ta. Bí akọ̀wé ẹgbẹ́ kan bá kọ «A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ti sún ìpàdé àwọn awo sí 12 Ọ́gọ́ọ̀sì», ohun tí àgbà yóò rí lórí fóònù rẹ̀ ni «A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ti sún ìpàdé àwọn…». Ọjọ́ ti ṣubú sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ti fún wa ní ọ̀nà láti mú ohun tó ṣe kókó wá síwájú gbólóhùn kí a sì fi «ni» tì í lẹ́yìn: «12 Ọ́gọ́ọ̀sì ni ìpàdé awo, kì í ṣe 5 mọ́». Lẹ́tà 36. Ohun tó yí padà ló ṣíwájú, ó sì sọ fún ẹni tó ti mọ ọjọ́ àtijọ́ pé kí ó pa á rẹ́. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn: bí ẹnì kan bá rò pé Ìbàdàn lẹ ń lọ, ẹ ó ní «Òṣogbo ni mò ń lọ». Ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé».

Ohun tó ń mú kí àkọlé wa wúwo ni pé a ń wo bí Òyìnbó ṣe ń kọ tiwọn, a sì ń to ọ̀rọ̀ orúkọ léra. Mo ti gba èyí rí: «Ìbéèrè fún ìfọwọ́sí fún ìkópa nínú ìpàdé àwọn awo». Ọ̀rọ̀ «ì» mẹ́rin ló tò tẹ̀léra níbẹ̀, kò sì sí ẹni kankan nínú wọn tó ń ṣe nǹkan. Ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ta ni yóò kópa? Ọ̀rọ̀ ìṣe ni agbára èdè wa. «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i kí n lè wá sí ìpàdé awo» kò gùn jù ú lọ, a sì mọ ẹni tí yóò ṣe kí ni. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ orúkọ dára ni ìgbà tó bá dá dúró níwájú bí àmì: «Ìkéde:», «Ìrántí:», «Ìbéèrè:». Ẹ ṣọ́ra fún «Ẹ̀bẹ̀:» ṣá. Nínú ọkàn ẹni tó ń fẹ́ nǹkan, ìbéèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí «Ẹ̀bẹ̀» láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ lè rò pé ọmọ náà ti ṣẹ̀, tí ó ń tọrọ àforíjì. Mo mọ ìyánífá kan tó gba irú àkọlé bẹ́ẹ̀, tí kò sì lè sùn títí tó fi rí ẹni bá a ṣí ímeèlì náà. Àga ni ọmọ náà fẹ́ yá.

Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí a tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má kọ «12/8» sí àkọlé. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 12 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ni; àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ 8 oṣù Dìsẹ́ńbà. Láàárín àwa ẹlẹ́sìn ìṣẹ̀ṣe gan-an, «oṣù kẹjọ» lè ṣini lọ́nà, nítorí àwọn kan nínú wa ń ka oṣù láti Òkúdù, tí í ṣe Júùnù. Ẹ pe oṣù ní orúkọ rẹ̀. «Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀» náà kò dára: ẹ ti rí ohun tí ọ̀sẹ̀ ṣe fún ọmọ mi.

Ó kan ìkíni. «Olùfẹ́ Olúwo» ni ọmọ mi kọ. Mo mọ ibi tó ti mú un. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Potogí, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń ṣí ìwé. Ó ṣí ìwé atúmọ̀, ó sì rí «olùfẹ́». Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. «Olùfẹ́» ń dún bí ìwé àwọn àpọ́sítélì létí wa, «olólùfẹ́» sì burú jù ú lọ nígbà tí ẹni tí a kọ ọ́ sí bá jẹ́ bàbá arúgbó tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a ka ímeèlì. «Ọ̀wọ́n» dára bí ó bá tẹ̀lé orúkọ, bí «ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n». Ṣùgbọ́n «Ọ̀wọ́n Alága» kò jọ ohun tí Yorùbá kan yóò sọ lẹ́nu. Ohun tí Yorùbá ń ṣe ni pé a ń pe ènìyàn ní ipò rẹ̀, a sì ń kí i. «Bàbá Olúwo, ẹ kú iṣẹ́ o.» Ó tán. Ẹ má fi orúkọ àbísọ pe àgbà. Bí ẹ kò bá mọ oyè rẹ̀, «Bàbá» tàbí «Ìyá» tàbí «Alàgbà» tó.

Kí a tó yan èyí tí a óò fi kí i, ẹ jẹ́ kí a rántí iṣẹ́ tí «kú» ń ṣe. Ohunkóhun tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀ ni a ń fi sí ẹ̀yìn «kú»: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn. Nítorí náà ìkíni Yorùbá ti ń sọ nǹkan nípa ìdí tí a fi kọ̀wé, yálà a fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí a kò fẹ́. Ẹni tí a kọ «Ẹ kú ewu» sí mọ̀ pé a ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tí a kọ «Ẹ kú àṣẹ̀yìndè» sí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkú la fẹ́ sọ. Bí ẹ bá wá tẹ̀lé e pẹ̀lú ìbéèrè owó ẹgbẹ́, ẹ ti ṣẹ̀ ẹ́. «Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta» dára fún ẹni tí ẹ kò tíì kàn sí fún ìgbà díẹ̀, kò dára fún ẹni tí ẹ kọ̀wé sí lánàá. Bí ìkíni yín bá sọ ohun kan tí àkọlé sì sọ òmíràn, ẹni tí ń kà á yóò dá dúró láti tún àkọlé wò.

Àwọn ìkíni tó so mọ́ àkókò ló máa ń ṣini jù nínú ímeèlì. Ọmọ mi kọ «ẹ káàárọ̀» ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ní Bàhíà. Nàìjíríà fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú wọn, nítorí náà aago méjìlá ọ̀sán ti lù níbí, alẹ́ ni mo sì ṣí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ó ń dún bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ti bá wa yanjú èyí tipẹ́: «Ẹ kú déédéé ìwòyí». Wákàtí tó bá wù kí ẹni náà ṣí i, ìwòyí rẹ̀ ni. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún ìwé tó ń lọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Fún ẹnì kan ṣoṣo, «Ẹ kú iṣẹ́ o» ni mo ń lò jù.

Nípa «Àbọrú, àbọyè», ẹ̀yin fúnra yín ti mọ̀ pé ìkíni awo sí awo ni. Mo rí i tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń ṣí ìwé sí olóòtú ètò rédíò tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìgboyà ni wọ́n fi ń ṣe é, mo sì nífẹ̀ẹ́ ìgboyà wọn. Ṣùgbọ́n ìkíni tí ẹni náà kò mọ bí a ti ń dáhùn rẹ̀ ti sọ ọ́ di àlejò kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kí i ní ìkíni tó lè dáhùn, kí ẹ sì fi «Àbọrú, àbọyè» sí ìsàlẹ̀, lókè orúkọ yín.

Wàyí o, ìjúbà. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí mo fẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí níbòmíràn, àgbà kan dìde, ó ní mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ láti gbé ọ̀rọ̀ ṣáájú ìbà. Ìbínú rẹ̀ kò ṣeé fojú kéré, nítorí náà mo lọ rò ó. Ohun tí mo rí nìyí. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹnì kan, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ ìjúbà níta. Ẹ ó ní «Àgò o!» Àwọn ará ilé yóò béèrè pé ta ni, ẹ ó sì sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ẹni tí ẹ wá rí. Nígbà tí ẹ bá wọlé ni dọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ àti ìbà. Àkọlé ni àgò. Kò gba ipò ìbà, nítorí ìta ni ó wà. Mo sọ èyí fún àgbà náà nígbà tí a tún pàdé, ó rẹ́rìn-ín, kò sì sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kù níbẹ̀ tí àgò kò yanjú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti inú ìwé hàn lábẹ́ àkọlé kí a tó ṣí i. Bí ìlà mẹ́tàlá àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìbà, ìbà nìkan ni yóò hàn, ẹni tí kò ráàyè yóò sì rò pé ìwé ìkíni ni. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé mo ń kọ ìbà ìlà kan, mo ń kí, mo ń sọ ohun tí mo wá ṣe nínú gbólóhùn kan, lẹ́yìn náà ni mo wá na ìjúbà mi bí mo bá fẹ́, kí n tó ṣàlàyé. Ìbà ṣì ló ṣíwájú nínú ilé. Ó kàn kúrú lẹ́nu ọ̀nà ni.

Ohun tó kù ni «ẹ» fúnra rẹ̀. Ẹ ọ̀wọ̀ àti ẹ ọ̀pọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní èdè wa. Lójúkojú, ojú ń sọ ẹni tí à ń bá wí. Nínú ímeèlì tó lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan kọ sí àgbà mẹ́rin nígbà ọdún kan pé «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú obì àti orógbó dání». Ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ni akọ̀wé ní lọ́kàn. Olúkúlùkù rò pé àgbà kejì ni a ń bẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí obì, a rán ọmọ lọ sí ọjà nígbà tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan ṣoṣo lẹ ń bẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀, ẹ dárúkọ oyè rẹ̀ nínú gbólóhùn ìbéèrè gan-an: «Bàbá Olúwo, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ pé kí ẹ mú obì dání». Bí gbogbo wọn ni, ẹ kà wọ́n: «Ẹ̀yin àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin».

Nígbà tí ọmọ mi ní Bàhíà tún kọ̀wé, ó ti gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu mi. Ó gbà mí láàyè kí n kà á fún yín:

«Subject: Ọjọ́ wo ni ọ̀sẹ̀ Ifá ní Ọ́gọ́ọ̀sì?

Ìbà Ọ̀rúnmìlà. Bàbá Olúwo, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọjọ́ kan tí ọ̀sẹ̀ Ifá bọ́ sí lọ́dọ̀ yín nínú oṣù yìí, kí n lè máa ka ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin láti ibẹ̀.»

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjúbà rẹ̀ wá tò tẹ̀léra, ìlà mẹ́tàlá, kò dín. Inú mọ́tò ni mo wà nígbà tí fóònù mi dún. Mo ka àkọlé, mo wo kàlẹ́ńdà, mo sì kọ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí i kí mọ́tò tó gbéra. Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ni mo wá jókòó, tí mo sì ka ìjúbà rẹ̀ dáadáa.

Mo dúró níbí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó máa bọ̀ wá síwájú.